Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-iṣẹ́ tí mo ti ṣe akáǹtáǹtì kékeré

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ olùdarí,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó. Lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn tí akáǹtáǹtì àgbà fi iṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo jẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa owó ẹ̀ka Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ sì ní ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ọ̀rọ̀ owó ti parí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí owó náà lè máa lọ láti oṣù dé oṣù kò sí nínú lẹ́tà yín rárá, ìyẹn bí ọkùnrin yẹn ṣe fìyà jẹ àwa tó wà lábẹ́ rẹ̀ títí kò fi sí ẹni tó lè bi í léèrè ohunkóhun.

Mo ti kọ eléyìí sí yín nínú àpòòwé ṣáájú. Èsì tí mo rí gbà ni pé ọ̀rọ̀ ìwà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀, kí n mú un lọ bá àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ ní gbangba báyìí. N kò dárúkọ ilé-iṣẹ́, n kò sì dárúkọ ẹnì kankan, torí pé pípa àṣírí mọ́ wà lára ìlànà iṣẹ́ wa, n kò sì fẹ́ rú u. Ẹ̀yin mọ ara yín. Àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó bá ka lẹ́tà yìí lè fi í wo ọ́fíìsì akáǹtì tiwọn, torí bí ìṣètò tiwa ṣe rí náà ni ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí mo mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí owó ṣe ń rìn, nítorí ẹ̀yin kì í rí i lójoojúmọ́. Sìmẹ́ńtì, páànù àti irin ni à ń tà. Oníbàárà tó bá fi fóònù sanwó tàbí tó fi káàdì san án, owó rẹ̀ lọ sí báǹkì tààrà, kò sí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ẹ̀ka tó wà lẹ́yìn Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ṣì ń kó owó bébà wá, pàápàá lọ́jọ́ ọjà. Kaṣíà ẹ̀ka á ka owó náà nírọ̀lẹ́, á san án sí báǹkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, báǹkì á lu òǹtẹ̀ lu tẹ́là. Ẹ̀dà kan á dúró ní ẹ̀ka, èkejì á wá bá wa ní olú ọ́fíìsì. Tẹ́là yẹn ni èmi fi ń kọ owó náà wọlé sínú ìwé owó wa. Tí oṣù bá parí, báǹkì á fi àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́, èmi á sì gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti wo ibi tí wọn kò ti bára mu. Ríkọ́ọ̀nù ni àwa ń pè é. Iṣẹ́ akáǹtáǹtì kékeré ni, kò sì sí ẹni tó ka ẹni tó ń ṣe é sí nǹkan kan.

Ìwé méjèèjì kì í sábà dọ́gba, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta, ìwé tiwa ní ₦6,870,000 ló wà ní báǹkì. Báǹkì ní ₦5,215,000 ni. Ìyàtọ̀ ₦1,655,000. Mo wá a, mo rí ohun mẹ́ta. Sọ́wédowó ₦260,000 wà tí a kọ fún ẹni tó ń bá wa gbé ẹrù, tí kò tíì mú lọ sí báǹkì. ₦15,000 wà tí báǹkì ti yọ fún iṣẹ́ rẹ̀, tí àwa kò tíì kọ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ₦1,900,000 tí ìwé wa ní a ti san sí báǹkì, tí báǹkì kò sì tíì rí. Ẹ fi ₦1,900,000 yẹn kún iye tí báǹkì sọ, ẹ yọ ₦260,000 kúrò, ẹ ó rí ₦6,855,000. Ẹ yọ ₦15,000 kúrò nínú tiwa, ₦6,855,000 náà ni. Ó bára mu. Ọ̀gá mi, akáǹtáǹtì àgbà yẹn, ní kí n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é, òun náà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ìwé wọ inú fáìlì. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ṣí fáìlì yẹn lọ́jọ́ náà, kò ní rí àléébù kankan nínú ìṣirò rẹ̀.

₦1,900,000 yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. ₦450,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ọjà tí a tà lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù. Ó fara hàn ní báǹkì lọ́jọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin, bó ṣe yẹ. ₦1,450,000 tó kù jẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ nínú ìwé wa sì ni ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 21 oṣù kẹta. Owó bébà tí a bá kó dé iwájú kaṣíà báǹkì, ọjọ́ náà gan-an ni báǹkì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, ọjọ́ kejì. Owó tí a ní a ti san láti ọjọ́ 14, tí báǹkì kò tíì rí títí oṣù fi parí, kò sí lójú ọ̀nà kankan. Ó wà lọ́wọ́ ẹnìkan.

Tẹ́là rẹ̀ kò sì sí. Ọ̀gá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye owó méjèèjì sórí bébà, ó ní kí n kọ ọ́ wọlé, pé tẹ́là ń bọ̀ láti ẹ̀ka.

Nígbà tí oṣù kẹrin dé, mo rí ₦1,450,000 nínú àkọsílẹ̀ báǹkì ní ọjọ́ 11. Ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo orúkọ ẹni tó san án: dírẹ́bà ọ́fíìsì wa ní Ìbàdàn ni, kì í ṣe kaṣíà Ògbómọ̀ṣọ́. Owó ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin kò sì sí níbì kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé owó oṣù kẹrin ni wọ́n kó wá dí ihò oṣù kẹta. Ihò tuntun ti ṣí nìyẹn, oṣù karùn-ún ni yóò sì dí i. Ẹni tó bá ń ṣe báyìí kò lè dúró, torí pé ó ń mú díẹ̀ sí i nígbà kọ̀ọ̀kan. Owó tí a ní ó wà lójú ọ̀nà láti Ògbómọ̀ṣọ́ di ₦1,980,000 ní ìparí oṣù kẹrin, ó di ₦2,600,000 ní ìparí oṣù karùn-ún. Ohun tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n nìyí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ ìṣirò owó: ẹ kó ríkọ́ọ̀nù oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ, ẹ wo ìlà kan ṣoṣo yẹn, ẹ wò ó bóyá ẹ̀ka kan náà ló ń yọjú níbẹ̀ nígbà gbogbo, tí iye rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Mo béèrè. Mo béèrè láti oṣù kẹta, kí ó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo bèèrè tẹ́là ọjọ́ 14, ọ̀gá mi gbójú sókè, ó wò mí, ó ní, "Ṣé ìwọ ni ọ̀dítọ̀ mi ni?" Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tún bèèrè, ó ní kí n dìde dúró níwájú tábìlì òun, mo sì wà lórí ìdúró níbẹ̀ nígbà tí àwọn oníbàárà ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ó pè mí ní olódo lójú àwọn tí mo jù lọ. Ó fi fáìlì nà mí lórí, kò le, ó rọra fi kàn mí bí ẹni ń bá ọmọdé ṣeré, ó sì dùn mí ju bí ì bá ṣe dùn mí ká ní ó gbá mi létí lọ. Ó ní kí n fi ọwọ́ tún gbogbo ìwé owó oṣù méjì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ti ṣe. Mo ń lọ sílé lálẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ti wọ́n ní òpópónà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kúẹ́rì bẹ̀rẹ̀. Kúẹ́rì pé mo pẹ́ dé. Kúẹ́rì pé mo kọ nọ́ńbà kan tí kò hàn dáadáa. Kúẹ́rì pé n kò kí òun bó ṣe yẹ kí ọmọ Yorùbá kí àgbà.

Lẹ́tà ìfẹsẹ̀múlẹ̀ iṣẹ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń ṣe ìdánwò Áíkàn, ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì Nàìjíríà, nígbà náà, ìdánwò tó máa ń wáyé ní oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá. Mo ti san owó ti oṣù karùn-ún. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò ni ó yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tó gba àyè, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Owó yẹn ṣòfò. Ó tún sọ pé ọjọ́ tí mo bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ́rìí sí ìrírí iṣẹ́ mi, òun náà ni màá wá bá.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó sí tábìlì kejì ló sọ fún mi pé ọmọ méjì ti ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú mi, àwọn méjèèjì ló sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún tó yí po. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ wọn wà nínú fáìlì òṣìṣẹ́. Kò sí ẹni tó pè wọ́n láti béèrè ìdí. Ká ní ẹnìkan bèèrè ni, ẹ̀ bá ti gbọ́ orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ kí èmi tó wọlé.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, mo kó àwọn kúẹ́rì mi jáde láti tò wọ́n sínú fáìlì, mo sì rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Mo kọ ọjọ́ tí mo gba kúẹ́rì kọ̀ọ̀kan sí apá kan, mo kọ ọjọ́ tí mo bèèrè ọ̀rọ̀ nípa tẹ́là sí apá kejì. Kúẹ́rì kò wá lọ́jọ́ tí mo ṣe àṣìṣe. Ó ń tẹ̀lé ìbéèrè mi. Láàárín oṣù, tí kò bá sí ríkọ́ọ̀nù nílẹ̀, ọ̀gá mi jẹ́ ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Á tilẹ̀ bèèrè àlàáfíà ìyá mi. Ìgbà tí àkọsílẹ̀ báǹkì bá ti dé ni ìbínú ń dé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe pé ọkùnrin náà le. Ó ń lo ìbínú bí ẹni ń lo irinṣẹ́.

Ohun méjì mìíràn wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀, nítorí pé wọ́n wà lójú gbogbo ènìyàn. Èkíní, òun fúnra rẹ̀ kì í lọ ìsinmi. Àwọn ọ̀gá mìíràn yìn ín fún un. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ń fúnni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ́fíìsì akáǹtì, ìsinmi yẹn kì í ṣe fún ara ẹni tó rẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá ń fi owó òní dí ti àná kò lè fi tábìlì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí pé ẹni tó bá dì í mú fún un ni yóò rí ihò náà. Èkejì ni pásíwọọ̀dù. Ó gba tiwa lọ́wọ́ gbogbo wa, ó ní kí iṣẹ́ má baà dúró bí ẹnìkan kò bá wá. Nítorí náà orúkọ mi ló wà lára owó tí wọ́n kọ wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí mo wà nínú ọkọ̀ tí mo ń lọ sílé. Ẹni tó fìyà jẹ mí ló tún ń fi orúkọ mi ṣiṣẹ́.

Mo pe kaṣíà Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá àgbà kan ni, ó ti pẹ́ nílé-iṣẹ́ jù mí lọ. Mo kí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ya fọ́tò ẹ̀dà tẹ́là ọjọ́ 14 oṣù kẹta." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èwo ni tẹ́là? Ṣé kì í ṣe ọ̀gá yín ló ní kí n máa kó owó ọjọ́ ọjà fún dírẹ́bà, pé Ìbàdàn lẹ ti fẹ́ máa san án?" Mo ní ṣé wọ́n fún wọn ní ìwé kankan. Ó ní dírẹ́bà máa ń fọwọ́ sí ìwé nọ́tì òun, gbogbo rẹ̀ ló sì wà níbẹ̀, ọjọ́ àti iye. Mo ní kí ó tọ́jú ìwé náà síbi tí omi àti ènìyàn kò ti ní débẹ̀. N kò bi í ní ohun mìíràn. N kò sọ ohun tí mo rò fún un, torí kì í ṣe ipò mi láti fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni lórí fóònù.

Nínú ìlànà ìwà tí àwọn akáǹtáǹtì káàkiri ayé ń tẹ̀lé, abala 270 dá lórí irú èyí gan-an: bí ẹnìkan bá ń fi agbára mú akáǹtáǹtì láti ṣe ohun tó lòdì sí òtítọ́. Ó kà á sí ohun tó yẹ kí akáǹtáǹtì ronú lé lórí, kí ó sì wá ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ lọ̀: ọ̀gá tó ga ju ẹni tó ń fi agbára mú un lọ, àwọn tó ń ṣe ọ̀dítì nínú ilé, tàbí àwọn tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́. Mo ti kà á fún ìdánwò. Alẹ́ tí mo padà kà á fún ara mi, mo jókòó mo kọ ojú ewé kan. Ojú ewé kan péré. N kò kọ ọ̀rọ̀ olè síbẹ̀. Mo kọ ọjọ́, iye, orúkọ ẹ̀ka, àti ohun tí kò sí: "Tẹ́là kò sí fún owó wọ̀nyí. Báǹkì kò rí wọn lọ́jọ́ tí ìwé wa sọ. Mo ti bèèrè ní àwọn ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí." Mo so ríkọ́ọ̀nù oṣù mẹ́ta mọ́ ọn, mo so àwọn kúẹ́rì mi náà mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ríkọ́ọ̀nù oṣù kẹfà yẹ kó wọlé, ọ̀gá mi sọ ọ́ sórí tábìlì mi. Ó ní, "Fọwọ́ sí i, kíá."

Mo dìde. Mo fi ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ má bínú sà. Mi ò ní lè fọwọ́ sí i."

"Kí lo wí?"

"Owó Ògbómọ̀ṣọ́ yìí kò sí ní báǹkì, sà. Tẹ́là rẹ̀ kò sí. Tí mo bá fọwọ́ sí i, èmi ni mo ń sọ pé ó wà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé wa nìyí? Ó ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kúnlẹ̀ torí pé ọjọ́ orí rẹ̀ tó ti bàbá mi, n kò sì fẹ́ kí ó lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àìmọ̀wàáhù. Láti orí ìkúnlẹ̀ mi ni mo ti tún un sọ: "Mo bẹ̀ yín sà, ẹ jẹ́ kí a rí tẹ́là, màá fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀." Ohùn mi ń gbọ̀n. Ó ní kí n jáde. Mo dìde, mo mú ojú ewé mi, mo gun òkè lọ sí ọ́fíìsì ọ̀dítọ̀ inú ilé, mo fún un ní ẹ̀dà kan, mo fún akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ní èkejì. Mo ní kí àwọn méjèèjì bá mi kọ ọjọ́ àti àkókò sára ẹ̀dà tèmi.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní tábìlì kejì, tí kò fọhùn níwájú ọ̀gá wa rí láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, dìde tẹ̀lé mi. Ó ní tòun náà wà, pé òun ti ń tọ́jú kúẹ́rì tòun láti ọdún tó kọjá.

Ẹ mọ ìyókù. Ọ̀dítọ̀ kò fi tó ẹnikẹ́ni létí kó tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba ìwé nọ́tì kaṣíà, ó sì kọ̀wé sí báǹkì fúnra rẹ̀ láti béèrè owó tó wọlé. Kò gba ọwọ́ ọ̀gá mi kọjá rárá, ohun tó sì jẹ́ kí ó yọrí nìyẹn. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá mi rán àgbààgbà lọ bá ìyá mi ní Mọ̀kọ́lá. Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni í bá àgbà jẹun. Wọ́n ní kí n lọ gba ìwé mi padà, pé ọkùnrin náà ní ọmọ nílé ìwé gíga. Ìyá mi, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ríkọ́ọ̀nù, bi wọ́n léèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé owó náà wà níbẹ̀ àbí kò sí?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó bu omi fún wọn mu, ó sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀gá mi dá apá kan owó padà, ẹ sì gbà kí ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìpinnu yín nìyẹn, n kò wá síbí láti yí i padà. Ṣùgbọ́n nínú ìròyìn tí ẹ fi síta fún àwa òṣìṣẹ́, ẹ pè é ní "àìṣedéédéé nínú ìwé owó ẹ̀ka kan". Kúẹ́rì mi ṣì wà nínú fáìlì mi títí di ọjọ́ tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín. Ti ẹ̀gbọ́n náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn kúẹ́rì yẹn ni ẹ̀rí bí wọ́n ṣe jí owó yín, ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ lára wa bí ẹni pé àwa la ṣẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè nìyí. Ẹ yọ kúẹ́rì wọ̀nyẹn kúrò, kí ẹ sì kọ̀wé sí àwa tó gbà wọ́n, àti àwọn méjì tó ti lọ ṣáájú, kí ẹ sọ ní kedere pé a kò jẹ̀bi. Bí ẹ ti ń wo owó náà ni kí ẹ máa wo ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tó ń jáde láti ọ́fíìsì akáǹtì. Bí ọmọ kékeré méjì bá fi orí ìjókòó kan náà sílẹ̀, ẹ pè wọ́n kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ẹ jẹ́ kí kúẹ́rì tí ọ̀gá akáǹtì bá kọ sí ọmọ abẹ́ rẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ọ̀dítọ̀ pẹ̀lú, kí ó lè rí ohun tí ọmọ náà bèèrè kó tó gbà á. Ẹ fún ẹni tó ń ṣe ríkọ́ọ̀nù ní ẹ̀tọ́ láti gba àkọsílẹ̀ báǹkì tààrà, kì í ṣe láti ọwọ́ ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Kí akáǹtáǹtì àgbà máa lọ ìsinmi rẹ̀, kí ẹlòmíràn jókòó sí tábìlì rẹ̀ ní ti gidi. Èyí kò ná yín ní owó kankan.

Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ìwà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀, ẹ rántí pé Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé lórí ìwà ipá àti ìfòòró lẹ́nu iṣẹ́, àdéhùn 190, ní ọdún 2022. Pípariwo mọ́ ènìyàn, dídójú tì í, dídá a dúró níwájú oníbàárà, ohun tí àdéhùn yẹn dá lórí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ọ́fíìsì tí ìbéèrè ti ń fa ìyà, kò sí ẹni tó ń yẹ owó yín wò, iye ọwọ́ tó wù kó wà lára ìwé.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ yára ni pé ọmọ tí ẹ gbà sí ipò mi pè mí. Ó ti rí nọ́ńbà mi nínú fáìlì. Ara rẹ̀ yá, ó mọ iṣẹ́. Ó ní ọ̀gá tuntun dára, ṣùgbọ́n ó ti ní kí gbogbo wọn kọ pásíwọọ̀dù wọn sínú ìwé kan kí ó máa wà lọ́dọ̀ òun, kí iṣẹ́ má baà dúró. Ó bi mí bóyá kí òun kọ ọ́. Mo ní kí ó má kọ ọ́, kí ó fi ọ̀wọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ tí ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun, torí pé wọn kò tíì fẹsẹ̀ iṣẹ́ òun múlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí oṣù yìí tó parí, kí ọ̀kan nínú yín sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì yẹn, kí ó gba ìwé pásíwọọ̀dù náà, kí ó sì sọ lójú gbogbo wọn pé kò sí ẹni tó máa pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé kò fi orúkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn lò.

Èmi ni,
akáǹtáǹtì kékeré yín àtijọ́,
Ìbàdàn.